Láti Inú Àpótí Ímeèlì Dé Ọwọ́ Ẹnìkan

Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tó ń fi ímeèlì dáhùn ìbéèrè ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì kan ṣoṣo tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń wọlé sí. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, olúkúlùkù sì ń ṣí i láti orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kò pẹ́ tí irú ọ̀rọ̀ yìí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wáyé láàárín wọn:

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti dá ọmọ tó ní owó iléèwé òun ò hàn yẹn lóhùn?"

"Mo rò pé ìwọ lo fẹ́ dá a lóhùn ni. Mo rí i pé wọ́n ti ṣí lẹ́tà náà."

Kò sí ọ̀lẹ láàárín àwọn méjèèjì. Ohun kan ṣoṣo ni àpótí ímeèlì lè sọ fún wọn nípa lẹ́tà, ìyẹn ni bóyá ẹnìkan ti ṣí i. Kò lè sọ ẹni tó ṣí i, kò lè sọ ibi tí ó bá iṣẹ́ dé, kò sì lè sọ èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nínú lẹ́tà ogójì tó wọlé láàárọ̀. Ètò tíkẹ́ẹ̀tì wá láti fi àwọn nǹkan wọ̀nyí kún lẹ́tà: nọ́ńbà, ẹni tí ọ̀ràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ipò tí ọ̀ràn wà, àti bí ó ṣe jẹ́ kánjúkánjú tó. Ẹni tó kọ lẹ́tà kò ní láti kọ́ ohun tuntun kankan. Ímeèlì tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni yóò máa kọ.

Èyí tí màá fi ṣàlàyé ni Request Tracker, tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní RT. Jesse Vincent ló kọ ọ́ ní ọdún 1996. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè gbé e sórí sáfà tirẹ̀, gbogbo bí ó ṣe ń ṣe ìpinnu ló sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ẹ jẹ́ ká gbé e sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ fásitì kan, ká sì tẹ̀ lé lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà náà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ sáfà tó ń gba ímeèlì fún fásitì. Tó bá jẹ́ àtijọ́ ni, inú àpótí ni sáfà yóò jù ú sí. Ní báyìí, ẹni tó ń bójú tó sáfà ti kọ ìlà kan sínú fáìlì `/etc/aliases` tó sọ pé lẹ́tà tó bá wá sí àdírẹ́sì ìrànwọ́ kò gbọdọ̀ wọ àpótí kankan:

```
iranwo: "|/opt/rt5/bin/rt-mailgate --queue General --action correspond --url https://rt.example.edu/"
```

Àmì igi tó dúró níwájú ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí pé kí sáfà da gbogbo lẹ́tà náà sínú ètò kékeré kan tó ń jẹ́ `rt-mailgate`. Ètò kékeré yìí yóò gbé lẹ́tà náà lọ bá RT, yóò sì sọ ìlà tí ó ń lọ, èyí tó jẹ́ `General` níhìn-ín. Bí RT bá ti dákú lọ́wọ́, `rt-mailgate` kì í ju lẹ́tà nù. Ńṣe ló ń dá nọ́ńbà 75 padà fún sáfà, tó túmọ̀ sí "ń kò lè gbà á báyìí, padà wá." Sáfà yóò sì máa padà wá. Postfix, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, máa ń gbìyànjú fún ọjọ́ márùn-ún kó tó sọ fún ẹni tó kọ lẹ́tà pé kò dé ibi tó ń lọ. Nítorí náà, bí iná bá lọ ní yàrá sáfà RT lálẹ́ Sátidé, lẹ́tà òpin ọ̀sẹ̀ yóò wọlé láàárọ̀ Mọ́ńdè nígbà tí iná bá dé, bí sáfà tó ń gba ímeèlì fúnra rẹ̀ bá ṣì wà láàyè.

Lẹ́tà ti dé iwájú RT wàyí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí RT máa bi ara rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: ṣé ọ̀ràn tuntun nìyí, àbí ìyókù ọ̀rọ̀ kan tó ti wà nílẹ̀? RT kì í ka inú lẹ́tà láti mọ̀ ọ́n. Àkọlé ló ń wò. Ó ń wá orúkọ ilé àti nọ́ńbà nínú àmì àkámọ́, bíi `[example.edu #1487]`. Bó bá rí i, ó fi lẹ́tà náà kún ọ̀ràn 1487. Bí kò bá rí i, ó ṣí ọ̀ràn tuntun. Orúkọ ilé tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí báǹkì tàbí iléeṣẹ́ mìíràn bá ń lo RT tiwọn, tí lẹ́tà wọn sì gbé nọ́ńbà 1487 tiwọn wá, RT fásitì kò ní ṣi í mú, nítorí orúkọ tó wà níwájú nọ́ńbà yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ní nọ́ńbà. Ó wọlé ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá láàárọ̀ Mọ́ńdè, báyìí ni orí rẹ̀ sì rí:

```
From: akekoo@example.org
To: iranwo@example.edu
Subject: Owo ileewe mi ko han
Message-ID: <a7f3@mail.example.org>
```

RT ṣí ọ̀ràn tuntun fún un. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 1487. Àdírẹ́sì tó wà níwájú `From` ló di oníbèéèrè. Ipò rẹ̀ jẹ́ `new`, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì jẹ́ `Nobody`, ìyẹn ni pé kò tíì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lójú ẹsẹ̀, RT dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lóhùn pé a ti rí lẹ́tà rẹ, àkọlé ìdáhùn yẹn sì di `[example.edu #1487] Owo ileewe mi ko han`. Àwọn kan máa ń fẹ́ yọ nọ́ńbà yẹn kúrò nítorí ó ń ba ẹwà àkọlé jẹ́. Èmi kò gbà. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń kọ nọ́ńbà sórí káàdì aláìsàn, kó lè rí fáìlì rẹ̀ fà yọ nígbà tó bá tún padà wá, bẹ́ẹ̀ náà ni àkọlé yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ bọ́tìnì ìfèsì, ètò ímeèlì rẹ̀ yóò gbé àkọlé náà padà wá bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì bọ́ sí ojú ibi tó yẹ.

Àwọn ètò mìíràn máa ń wo ibòmíràn pẹ̀lú. Gbogbo ímeèlì ló ní orúkọ tirẹ̀ tí a kì í sábà rí, èyí tí a kọ síwájú `Message-ID`. Bí ènìyàn bá fèsì, ètò ímeèlì rẹ̀ a kọ orúkọ lẹ́tà tí ó ń fèsì sí síwájú `In-Reply-To`, àti ti àwọn tó ti ṣáájú síwájú `References`. Ètò tíkẹ́ẹ̀tì tó bá ń ka àwọn ìlà wọ̀nyí lè mọ ọ̀ràn tí lẹ́tà bá wá, kódà bí ẹnìkan bá ti pa nọ́ńbà rẹ́ nínú àkọlé.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè gbà wá lọ́wọ́ ìṣe ọmọ ènìyàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọ̀sán, ó lè kọ lẹ́tà mìíràn láti orí fóònù àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú àkọlé "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn." Àdírẹ́sì yàtọ̀, àkọlé yàtọ̀, kò sí nọ́ńbà, kò sì sí `In-Reply-To`. RT yóò ṣí ọ̀ràn 1502, òṣìṣẹ́ mìíràn sì lè mú un láì mọ̀ pé 1487 wà nílẹ̀. Ẹni tó bá rí i ló máa dà wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn ìdàpọ̀, ẹni tó bá tẹ 1502 yóò bá ara rẹ̀ ní 1487, gbogbo lẹ́tà méjèèjì yóò sì wà lójú kan. Ẹ ṣọ́ra níbí o: RT kò ní bọ́tìnì tó ń tú ìdàpọ̀ ká. Mo máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé kó ka lẹ́tà méjèèjì dópin kó tó dà wọ́n pọ̀, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà. Ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ yìí kan náà lè wá àdírẹ́sì wa, kó ṣí lẹ́tà àtijọ́, kó tẹ bọ́tìnì ìfèsì, kó sì kọ̀wé pé òun gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà òun. Nọ́ńbà 1487 wà lórí rẹ̀, nítorí náà abẹ́ ọ̀ràn owó iléèwé ni RT yóò fi í sí. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni láti yọ ọ́ síta kó sì ṣí ọ̀ràn tuntun fún un. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn kan yóò máa gùn bí okùn, kò sì sí ẹni tí yóò lè sọ ìgbà tí ó parí.

Nǹkan kan wà tí ó ń dẹ́rù ba gbogbo ẹni tó ti bójú tó irú ètò yìí rí, ìyẹn ni kí ẹ̀rọ méjì máa dá ara wọn lóhùn. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ṣètò àpótí tirẹ̀ láti máa dáhùn fúnra rẹ̀ pé "Mo wà nílé, màá padà dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." RT fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí i, àpótí rẹ̀ fèsì sí RT. Bí èsì náà kò bá gbé nọ́ńbà wá, ọ̀ràn tuntun ni lójú RT, RT yóò sì tún fi ìdáhùn mìíràn ránṣẹ́. Bí wọn yóò ṣe máa bá a lọ nìyẹn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìwé ìlànà RFC 3834, tó jáde ní ọdún 2004, ló la ọ̀nà àbáyọ: èsì tí ẹ̀rọ bá kọ yẹ kó gbé ìlà `Auto-Submitted: auto-replied` lórí, kò sì yẹ kí ẹ̀rọ tó bá rí ìlà yìí dá a lóhùn. RT ń wo ìlà yìí, ó ń wo `Precedence: bulk`, ó sì ń wò ó bí àdírẹ́sì ìdápadà lẹ́tà bá ṣófo, èyí tí a ń kọ báyìí `<>`. Ó tún ń lẹ àmì tirẹ̀, `X-RT-Loop-Prevention`, mọ́ gbogbo lẹ́tà tó ń jáde, kó lè dá ohùn ara rẹ̀ mọ̀ bó bá padà wá bá a.

Síbẹ̀, àwọn àpótí kan wà tí kì í tẹ̀ lé ìlànà. Ẹ óò mọ̀ bó bá ti ṣẹlẹ̀: nọ́ńbà ọ̀ràn yóò kàn fò sókè lójijì, oníbèéèrè kan náà ni yóò wà lórí gbogbo wọn, àárín wọn kì í sì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọ̀ràn yẹn rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi apẹ̀rẹ̀ gbọ́n omi ni, nítorí òmíràn ń wọlé bí ó ti ń pa wọ́n. Ìdáhùn aládàáṣe ìlà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Bí ọ̀rọ̀ bá rọlẹ̀ tán, ẹ wá gbá ilé.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1487. Ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì ìrànwọ́ ṣí i, ó sì tẹ `Take`. Orúkọ rẹ̀ rọ́pò `Nobody`, gbogbo ẹni tó bá wo ìlà náà sì rí i pé ọ̀ràn yìí ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan. RT kì í gbà kí ọ̀ràn kan wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Oníbèéèrè lè pọ̀, àwọn tó ń gba ẹ̀dà lẹ́tà lè pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀ràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọ̀kan lọ. Àwọn ọ̀gá kan ti bẹ̀bẹ̀ fún "kí ọ̀ràn wà lọ́wọ́ gbogbo wa," ibi tí ìyẹn sì ń gbé wọn padà sí ni àpótí ímeèlì tí wọ́n sá kúrò nínú rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ yìí bá ṣàìsàn, ẹlòmíràn tó ní àṣẹ yóò rí `Steal` níbi tí `Take` wà tẹ́lẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́, ọ̀ràn yóò sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn ọ̀ràn náà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni báyìí ló gbà á lọ́wọ́ ẹni báyìí, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí.

Òṣìṣẹ́ náà yí ipò rẹ̀ sí `open`, ó sì kọ̀wé sí akẹ́kọ̀ọ́ pé kó fi àwòrán rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́. Kò sí ohun tó tún lè ṣe báyìí títí èsì yóò fi dé, nítorí náà ó yí ipò padà sí `stalled`. Ìyàtọ̀ àárín ipò méjèèjì yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. `open` ń sọ pé àwa ni wọ́n ń dúró dè. `stalled` ń sọ pé àwa là ń dúró de ẹlòmíràn. Ọ́fíìsì tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò máa rí ogún ọ̀ràn lójú, kò sì ní mọ̀ pé méje péré nínú wọn ló ń fẹ́ iṣẹ́ lónìí.

Rìsíìtì dé lọ́jọ́ Túsìdè. Òṣìṣẹ́ rí i pé owó wọlé lóòótọ́, pé iṣẹ́ àwọn àkáǹtì ló kù, ó sì gbé 1487 láti ìlà `General` lọ sí ìlà `Bursary`. Ibí gan-an ni ọ̀ràn ti sábà máa ń sọnù. Òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ kò ní àṣẹ láti mú ọ̀ràn ní ìlà àkáǹtì, nítorí náà bí ọ̀ràn ti sọdá, RT yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ó sì dá a padà sí `Nobody`. Lójú òṣìṣẹ́ ìrànwọ́, òun ti fi í lé wọn lọ́wọ́. Lójú àwọn àkáǹtì, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé nǹkan kan dé. Akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀ ti rí ìdáhùn dáadáa lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó gbà pé iṣẹ́ ń lọ. Ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹni tó ń gbé ọ̀ràn sọdá kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbà á, kí ó sì dúró títí orúkọ tuntun yóò fi hàn lórí rẹ̀.

Gbólóhùn yẹn, ẹ rí i dájú pé ibi tó yẹ lẹ kọ ọ́ sí. RT ní oríṣi ọ̀rọ̀ méjì: `Reply` ń lọ bá oníbèéèrè, `Comment` wà fún àwọn òṣìṣẹ́ nìkan. Bọ́tìnì méjèèjì súnmọ́ ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé "ọmọ yìí ló ṣi nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ kọ," tó sì tẹ `Reply`, ti sọ ọ́ sí ọmọ náà létí. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ sínú `Comment` ohun tí kò ní lè sọ níwájú oníbèéèrè.

Lóòótọ́, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ló fa wàhálà náà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sanwó, ó fi 6 sípò 9 nínú nọ́ńbà rẹ̀. Òṣìṣẹ́ àkáǹtì tún un ṣe lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó kọ̀wé sí i, ó sì yí ipò sí `resolved`. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀ràn náà tún di `open`. Akẹ́kọ̀ọ́ ti fèsì: "Ẹ ṣeun gan-an ni mà, Ọlọ́run á bù kún yín." Nọ́ńbà 1487 wà lórí rẹ̀, RT kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdúpẹ́ àti ẹ̀hónú. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí a kì í gba oore lásán láìdúpẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀ràn tó ti parí ló máa ń jí báyìí. Àwọn kan ti ní kí a pa àṣà jíjí yìí kúrò nínú RT. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èsì tó wá sórí ọ̀ràn tó ti parí lè jẹ́ "ẹ ṣeun," ó sì lè jẹ́ "ó tún ti pòórá o." Kíka ìdúpẹ́ kan àti títún ọ̀ràn pa kò gba ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ tún pòórá, tí kò sì sẹ́ni tó rí lẹ́tà rẹ̀, yóò gùn mọ́tò wá sí ọ́fíìsì.

Ó ku bí ọ̀ràn ṣe jẹ́ kánjúkánjú tó. Nínú RT 5, `Low` jẹ́ 0, `Medium` jẹ́ 50, `High` sì jẹ́ 100. Kí ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún oníbèéèrè láti yàn, nítorí kò sí ẹni tí ìṣòro tirẹ̀ kì í jẹ́ kánjúkánjú lójú ara rẹ̀. Ìbéèrè méjì ni òṣìṣẹ́ ní láti bèèrè: ènìyàn mélòó ló kàn, ìgbà wo ló sì máa bàjẹ́ kọjá àtúnṣe? Owó akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò hàn, tí ìforúkọsílẹ̀ ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, `Low` ni. Ọ̀ràn kan náà, tí ìforúkọsílẹ̀ bá máa tì lọ́la, ti di `High`. Nítorí pé ọjọ́ ló ń yí i padà báyìí, RT ní ohun tí a ń pè ní `LinearEscalate`: ẹ óò fún ọ̀ràn ní ọjọ́ ìparí, nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ àti nọ́ńbà ìparí, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lóròòru yóò sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ọ̀ràn tó bẹ̀rẹ̀ ní 0, tí ó yẹ kó dé 100 ní ọjọ́ mẹ́wàá, yóò wà ní nǹkan bíi 50 ní ọjọ́ karùn-ún. Báyìí, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn yóò máa gòkè fúnra rẹ̀ títí yóò fi dé orí àtòjọ.

Gbogbo èyí wúlò bí ẹnìkan bá ń wò ó. Ọ̀gá ọ́fíìsì tó mọṣẹ́ kì í ka lẹ́tà láàárọ̀. Ìbéèrè méjì ló ń kọ sínú RT, ó sì ń tọ́jú wọn kí wọ́n lè máa hàn ní ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀:

```
Owner = 'Nobody' AND Status = 'new' AND Created < '1 day ago'
Status = 'stalled' AND LastUpdated < '5 days ago'
```

Ti àkọ́kọ́ ń mú àwọn tí kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọjọ́ kan jáde. Ẹ kíyè sí i pé kò ní mú 1487 ní ọjọ́ tó sọdá sí ìlà àkáǹtì, nítorí pé ipò rẹ̀ ti kúrò ní `new` nígbà náà. Ọ̀gá tó bá fẹ́ rí irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi `Status = 'open'` àti `Status = 'stalled'` kún `Status = 'new'` nínú àkámọ́ pẹ̀lú `OR`. Ìkejì ń mú àwọn tí a sọ pé a ń dúró de oníbèéèrè wọn jáde, tí ọjọ́ márùn-ún sì ti kọjá láìsí ọ̀rọ̀. Nínú àwọn wọ̀nyẹn, òmíràn wà tí oníbèéèrè ti fèsì láti àdírẹ́sì mìíràn, tí èsì rẹ̀ sì ti di ọ̀ràn tuntun níbòmíràn nínú ìlà náà. Kí òṣìṣẹ́ fi orúkọ rẹ̀ wá inú RT kó tó kọ̀wé sí i pé a kò gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ.